Òrùlé Ìbàdàn Lábẹ́ Pẹ́ńsù Ẹ̀rọ

Mo dúró níwájú Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé fóònù sókè, mo ya òrùlé. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí: páànù lórí páànù, gbogbo wọn ti dógùn-ún, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè títí ojú kò fi rí òpin wọn mọ́, wáyà iná gba àárín wọn kọjá, igi máńgòrò kan wà níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ kí fọ́tò náà dà bí ohun tí ẹnì kan jókòó fi pẹ́ńsù yà sórí bébà. Mo ṣí ápù kan lórí fóònù, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ Sketch sí, mo dúró díẹ̀. Ohun tó jáde dà bí bébà tí wọ́n fi kànìnkànìn onírin ha. Òrùlé kò hàn, igi kò hàn. Ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀ dẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀, ápù yìí kan náà ló ya ojú ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tí gbogbo ilé ń yìn ín. Mo fi ti òrùlé han bàbá àgbà kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń ya àwòrán láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo lo fẹ́ kí n wò níbẹ̀?" N kò rí èsì fún wọn. Ìbéèrè yẹn ló lé mi lọ wo ohun tí fílítà pẹ́ńsù ń ṣe gan-an.

Ìṣirò kékeré kan ni. Fọ́tò inú fóònù, àmì kéékèèké ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Píksẹ́lì ni wọ́n ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò, tó ku dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa kù fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun báláú, gbogbo ìyókù wà láàárín méjèèjì. Ohun tí fílítà ń bi píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé o dúdú ju àwọn aládùúgbò rẹ lọ? Láti mọ̀ ọ́n, yóò wo iye tí ìmọ́lẹ̀ àdúgbò náà jẹ́ lápapọ̀, tí a bá pín in dọ́gba. Yóò fi iye àdúgbò yẹn pín nọ́ńbà píksẹ́lì náà, yóò sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 255.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sórí páànù. Láàárín páànù, níbi tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, píksẹ́lì jẹ́ 100, àdúgbò rẹ̀ náà jẹ́ 100. Tí a bá fi 100 pín 100, ó di 1. Ìlọ́po 255 rẹ̀ jẹ́ 255. Funfun nìyẹn, bébà tí pẹ́ńsù kò kàn. Ní etí páànù, níbi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀, píksẹ́lì jẹ́ 40, àdúgbò jẹ́ 100. Èsì rẹ̀ jẹ́ 102, àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn. Ìlà pẹ́ńsù ni èyí. Píksẹ́lì tó bá mọ́lẹ̀ ju àdúgbò rẹ̀ lọ, èsì rẹ̀ á kọjá 255, ẹ̀rọ á sì gé e dúró sí 255, òun náà á di funfun.

Nítorí náà, fílítà yìí kò mọ òkùnkùn. Ìyàtọ̀ ló mọ̀. Tí obìnrin kan bá wọ bùbá dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, àárín bùbá náà á funfun nínú àwòrán, etí rẹ̀ nìkan ni ìlà máa wà, nítorí pé láàárín bùbá, dúdú wà láàárín dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo rò pé ápù ti bàjẹ́ ni.

Ẹ wá wo ìdí tí ojú ìyá mi fi rọrùn fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ́jú, iwájú orí tẹ́jú, ìyàtọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ àfi ní ojú, imú, ètè àti etí gèlè. Ìwọ̀nba ibi tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ máa fi pẹ́ńsù kàn náà nìyẹn. Òrùlé Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Páànù kan ṣoṣo ní ògbun àti òkè tó tò tẹ̀léra, ibi kan dúdú, ibi kan mọ́lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewé máńgòrò kan dúdú ju èkejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló ń ké sí ẹ̀rọ pé, "Mo yàtọ̀ sí aládùúgbò mi," ẹ̀rọ sì ń gbà fún gbogbo wọn láìṣe ojúsàájú. Bàbá tó ń ya àwòrán yẹn, tí wọ́n bá jókòó sí Màpó, wọn á fa ògbun páànù mẹ́ta, wọn á fi ìyókù sílẹ̀ kí ojú tiwa parí rẹ̀. Ojúsàájú yẹn ni iṣẹ́ wọn.

Ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ojúsàájú náà ti gbọ́dọ̀ wá, kí fílítà tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ápù orí fóònù sílẹ̀, mo lọ bá GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí pé ó jẹ́ kí n rí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é níbẹ̀ kò pẹ́. Ẹ ó ṣí fọ́tò, ẹ ó fọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò láti inú Colors, Desaturate. Ẹ ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ara rẹ̀ pẹ̀lú Layer, Duplicate Layer. Lórí ẹ̀dà tó wà lókè, ẹ ó lo Colors, Invert, tí dúdú á di funfun, tí funfun á di dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ ó yí Mode ẹ̀dà náà sí Dodge. Ojú-ewé yóò funfun lójijì bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ ti parẹ́. Ẹ má fòyà, àmì pé ẹ ṣe é dáadáa nìyẹn: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan kò ì tíì ní àdúgbò, ara rẹ̀ ló ń fi pín ara rẹ̀, 1 ni gbogbo wọn ń jẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá lo Filters, Blur, Gaussian Blur lórí ẹ̀dà òkè yẹn, àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, ìlà á sì máa yọ lórí funfun náà lójú yín bí ìgbà tí èèyàn ń gún èékánná sára ìyẹ̀fun.

Ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ lè fi ìlà márùn-ún ṣe ìṣirò kan náà:

```
import cv2
g = cv2.imread("mapo.jpg", 0)
b = cv2.GaussianBlur(g, (0, 0), 8)
s = cv2.divide(g, b, scale=255)
cv2.imwrite("mapo_pensu.jpg", s)
```

Nọ́ńbà 8 tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òun ló ń sọ bí àdúgbò ṣe máa tóbi tó; òun náà sì ni Size X àti Size Y tí ẹ máa rí nínú GIMP. Lórí fọ́tò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1600, mo gbìyànjú 3, ìlà jáde tín-ín-rín bí irun, ó sì pá. Mo gbìyànjú 8, ó jọ pẹ́ńsù tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ní 25, òjìji abẹ́ òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó dà bí ohun tí wọ́n fi èédú yà. Ẹ kíyè sí i pé fífẹ̀ fọ́tò ni nọ́ńbà yìí ń bá rìn. Fọ́tò tó jáde láti inú fóònù mi fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000. 8 lórí ìyẹn jẹ́ ohun kan náà bí 3 lórí èyí tó kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí èsì wọn kò sì jọ ti onítọ̀hún, ibi tí wọ́n ti ṣìnà nìyí.

Dídín fọ́tò kù láti 4000 sí 1600 pẹ̀lú Image, Scale Image ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún òrùlé. Ògbun páànù tó wà lọ́nà jíjìn wọ inú ara wọn, ó di ojú kan. Lẹ́yìn náà ni mo lo Selective Gaussian Blur, tí radius rẹ̀ jẹ́ 6, tí Max. delta rẹ̀ jẹ́ 0.15. Èyí máa ń po àwọn píksẹ́lì tí ìyàtọ̀ wọn kéré pọ̀, kì í sì í fọwọ́ kan ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀. Ògbun lára páànù tẹ́jú. Etí òrùlé dúró gbọn-in. Ewé máńgòrò di ìṣù mẹ́ta mẹ́rin dípò ẹgbẹ̀rún ewé. Mo tún fílítà pẹ́ńsù ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ilé.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kan kù. Nínú òjìji tó wà lábẹ́ àjà ilé, ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn jẹ́jẹ́, ohun kan bí iyanrìn dúdú dà síbẹ̀. Àbùkù kámẹ́rà ni, tí ìṣirò wa sọ di ńlá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, kámẹ́rà fóònù máa ń méfò, píksẹ́lì kan á jẹ́ 12 láàárín àdúgbò tó jẹ́ 20. Ìyàtọ̀ 8 péré, ojú wa kò lè rí i nínú fọ́tò. Fi 20 pín 12, sọ ọ́ di ìlọ́po 255: 153, ìlà tó hàn gbangba. Ìyàtọ̀ 8 kan náà lójú ọ̀run, 227 láàárín 235, yóò jẹ́ 246, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ìdí nìyí tí ìdọ̀tí fi máa ń wà nínú òkùnkùn nìkan. Mo ṣí Colors, Levels lórí fọ́tò náà kí fílítà tó kàn án, mo gbé nọ́ńbà àkọ́kọ́ lábẹ́ Output Levels láti 0 sí 40. 12 di 50, 20 di 57, èsì wọn sì di nǹkan bí 224. Iyanrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ohun méjì ni mo fi kún un lẹ́yìn fílítà. Ayàwòrán máa ń fi ọwọ́ fúyẹ́ ya ohun tó jìnnà, ẹ̀rọ kò mọ jíjìn. Mo fi funfun bo apá òkè àwòrán, èyí tó nípọn lókè pátápátá tó sì ń fúyẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀, kí àwọn òrùlé tó wà lẹ́yìn lè rọ̀. Mo sì mú ẹ̀dà fọ́tò aláwọ̀ eérú padà wá lé gbogbo rẹ̀ lórí, mo fi Mode rẹ̀ sí Multiply, mo fi Opacity sí 25, kí òkùnkùn tí ìṣirò ti jẹ lè padà díẹ̀. Láìsí èyí, òrùlé tó dógùn-ún àti ògiri funfun ò yàtọ̀ síra.

Ti ọ̀dà ńkọ́? Ó rọrùn ju pẹ́ńsù lọ. Filters, Artistic, Oilify nínú GIMP máa ń wo àdúgbò píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, yóò wo àwọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀, yóò sì fi àwọ̀ yẹn kùn ún. Ẹni tó bá kéré ní àdúgbò, kò ní ohùn. Mo fi àyíká rẹ̀ sí 4, gbogbo wáyà iná tó ń dà mí láàmú pòórá láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí wáyà kò nípọn tó láti borí àwọ̀ ojú ọ̀run tó yí i ká. Mo gbé e sí 12, fèrèsé náà pòórá, àwọn èèyàn tó ń lọ lójú títì sì di àbààwọ́n.

Ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní fílítà Kuwahara. Nílẹ̀ Japan ni Michiyoshi Kuwahara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde ní 1976, kì í sì í ṣe fún iṣẹ́ ọnà rárá; àwòrán ọkàn àwọn aláìsàn ni wọ́n fẹ́ fọ̀ mọ́. Yóò pín àdúgbò píksẹ́lì sí igun mẹ́rin, yóò wo igun tí ọ̀rọ̀ àwọn ará rẹ̀ bára mu jù, yóò sì gba àwọ̀ ti igun yẹn. Etí òrùlé kì í ṣe wúruwùru lábẹ́ rẹ̀, nítorí píksẹ́lì tó wà ní ààlà gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ kan lọ. Láti ìgbà Blender 4.0 ní 2023 ló ti wà nínú ibi ìtò àwòrán Blender, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Gbogbo èyí, àdúgbò ni wọ́n ń wò. Ní 2015, Leon Gatys, Alexander Ecker àti Matthias Bethge ní ìlú Tübingen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ohun tó yàtọ̀ jáde. Wọ́n mú fọ́tò àwọn ilé tó wà létí odò Neckar nínú ìlú wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ Turner, ọwọ́ Van Gogh àti ọwọ́ Munch yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé kò kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ tó yà á ló yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lo ọ̀nà wọn lẹ́yìn náà láti ní kí kọ̀ǹpútà yá ọwọ́ ayàwòrán kan fún fọ́tò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n lò ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dá nǹkan mọ̀, láti ara àwòrán tó lé ní mílíọ̀nù kan: ajá, ọkọ̀, àga, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele-ìpele ló fi ń wòran. Ìpele àkọ́kọ́ ń rí ìlà, tóótòòtó àti àwọ̀. Àwọn tó jinlẹ̀ ń rí fèrèsé, táyà, ojú ẹranko. Láti ara fọ́tò, wọ́n gba ohun tí ìpele tó jinlẹ̀ rí àti ibi tó ti rí i. Láti ara àwòrán ayàwòrán, wọ́n gba ohun mìíràn: àmì wo ló sábà máa ń bá àmì wo rìn, láìbìkítà ibi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á mú àwòrán tí kò ní orí kò ní ìdí, á máa yí píksẹ́lì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà, títí yóò fi tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Ó máa ń pẹ́. Ní 2016 ni Justin Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford wá ọ̀nà láti kọ́ ẹ̀rọ ní ọwọ́ ayàwòrán kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó lè máa ṣe é kíákíá lẹ́yìn náà. Ọdún yẹn kan náà ni ápù Prisma jáde tí gbogbo ayé ń fi ojú ara wọn ṣeré.

"Láìbìkítà ibi tí wọ́n wà" yẹn ni kí ẹ dì mú. Mo fi Ìbàdàndùn dán an wò. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, tí wọ́n pín sí àpótí-àpótí, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n máa ń yà sára rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tó tún lè bára mu ju èyí lọ: òrùlé tí mo yà láti Màpó, kí aṣọ tí Màpó wà lára rẹ̀ kùn ún.

Aró rẹ̀ dára gan-an. Ìlà funfun tín-ín-rín, irú èyí tí ìyẹ́ adìyẹ fi ń fa ẹ̀kọ sára aṣọ, tẹ̀lé etí páànù bí ẹni pé ọwọ́ aládìrẹ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó kò sí. Ohun tó wà ni ààbọ̀ òpó, ìdá mẹ́rin òpó, orí òpó kan tó fò lọ sójú ọ̀run. Àpótí-àpótí tó jẹ́ eegun aṣọ náà ti fọ́ yángá. Ìyá aládìrẹ kan tí mo fi hàn wò ó, wọ́n ní, "Aró wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàndùn kọ́ nìyí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rọ mọ̀ pé ìlà funfun máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró. Kò mọ̀ pé àpótí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àpótí kejì, nítorí pé ibi tí nǹkan wà gan-an ni wọ́n jù nù nígbà tí wọ́n ń gba ọwọ́. Fún Van Gogh, tí ìfàsẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jọra káàkiri, àdánù náà kéré. Fún aṣọ tí ètò ni ẹwà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ.

Ojú ọ̀run ni wàhálà kejì. Kò sí nǹkan níbẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ̀rọ sì ní láti wá ibi kó àmì aṣọ sí, ló bá dà á sójú ọ̀run. Mo gé ojú ọ̀run kúrò, mo fi aró kan ṣoṣo kùn ún lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Bí mo ṣe ya aṣọ náà tún ń ṣiṣẹ́: nígbà tí mo ya gbogbo ọ̀pá méjèèjì, àmì rẹ̀ kéré bí eruku lórí òrùlé, nígbà tí mo sún mọ́ àpótí mẹ́rin péré, ó tó ohun tí ojú lè rí. Tí ó bá jẹ́ pé ayàwòrán tó wà láàyè ni ẹ fẹ́ yá ọwọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè.

Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ wọ́n jáde, bébà A4 ń fẹ́ píksẹ́lì 2480 ní fífẹ̀ kí ó tó dán. Kọ̀ǹpútà mi kò lè ya ti àdìrẹ kọjá 512, tí kò tó ínǹṣì 2 lórí bébà. Ti pẹ́ńsù, tó jẹ́ 1600, ni mo tẹ̀, ní ìdajì bébà. Mo gbé e lọ fún bàbá náà. Wọ́n fi ìka tọ́ òrùlé tó sún mọ́ wa jù lọ, èyí tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni ojú àwọn lọ. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ti pọ̀ jù síbẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà ìpaǹkanrẹ́ pa mẹ́rin rẹ́ níwájú mi kí wọ́n tó rántí pé íǹkì ni.